Òkè kan, òkè méjì, òkè púpọ̀: bí a ṣe ń fi àlìfù-láámù sí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá

Lálẹ́ ọjọ́ Àlàmísì ni mo máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Lárúbáwá ní Adó-Èkìtì. Ìyá oníṣòwò kan wà láàárín wọn tó ti há háráfì oòrùn 14, àwọn tó ń gbé láámù inú ال mì, àti háráfì òṣùpá 14, àwọn tó ń jẹ́ kó dún, sórí, kò sí èyí tí ẹ bi í tí kò ní dá yín lóhùn. Ó ka السُّوق, ọjà náà, ó ní "as-suuku", ó gbà á. Nígbà tó kan àwọn ọjà náà, الأَسْوَاق, ó kà á ní "as-aswaaku". Mo ní kó tún un kà, ó tún kà á bẹ́ẹ̀. Ó wá ní, "Àáfà, ṣé ọjà náà kọ́ ni? Síínì ṣì wà níbẹ̀ mà."

Síínì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló wà níwájú mọ́. Nígbà tí ọjà kan di ọjà púpọ̀, àlìfù kan wá jókòó síwájú síínì, àlìfù yẹn sì ni láámù ń bá pàdé. Kíkà tó yẹ ni "al-aswaaku". Ìyá yìí kò gbàgbé nǹkan kan nínú ohun tó há sórí. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó ti pinnu bí yóò ṣe pe àlìfù-láámù, ال tó túmọ̀ sí "náà", kó tó sọ ọ̀rọ̀ náà di púpọ̀. Ètò iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ yín níbí, èyí ni: ẹ kọ́kọ́ ṣe iye ọ̀rọ̀, ẹyọ kan, méjì tàbí púpọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo háráfì tó wà níwájú rẹ̀ báyìí. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi àlìfù-láámù sí i, kí ẹ sì kà á.

Mo ń kọ bí a ṣe ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkọtọ́ Yorùbá kí ó lè rọrùn. Fáwẹ̀lì tí mo bá kọ ní ìlọ́po méjì, ẹ fà á gùn. Àkọtọ́ wa kò ní ohun tí a lè fi ya ق sọ́tọ̀ kúrò lára ك, tàbí ص kúrò lára س, nítorí náà ojú Lárúbáwá ni kí ẹ máa wò fún ìyẹn.

Ohun tí ahọ́n ń ṣe

Ẹ pe láámù, kí ẹ fi iyè sí ahọ́n yín. Ṣóńṣó rẹ̀ lọ kan ẹ̀yìn eyín òkè. Ẹ wá pe "t", "d", "n", "r", "s". Agbègbè kan náà ni ahọ́n wà. Nígbà tí láámù bá ṣáájú irú háráfì bẹ́ẹ̀, ahọ́n kì í ṣe iṣẹ́ méjì lójú kan: háráfì kejì a gbé láámù mì, òun fúnra rẹ̀ a sì di ìlọ́po méjì. A ṣì ń kọ láámù, a kàn kì í pè é ni. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. A ń kọ "ẹ kú ilé", ṣùgbọ́n "ẹ kúulé" ni ẹnu ń sọ. A ń sọ pé "ẹ káàárọ̀", fáwẹ̀lì inú "kú" ti wọ inú "àárọ̀" lọ, àárọ̀ sì fi gùn sí i. Fáwẹ̀lì ló ń gbé fáwẹ̀lì mì ní tiwa, háráfì oòrùn ló ń gbé láámù mì ní ti Lárúbáwá.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn háráfì oòrùn, ẹ má kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ka ábídí. Ẹ kó wọn jọ bí ahọ́n ṣe ń pè wọ́n: ت د ط, lẹ́yìn wọn ن ل ر, lẹ́yìn wọn س ص ز, lẹ́yìn wọn ث ذ ظ, kí ẹ wá fi ض àti ش kádìí rẹ̀. Mẹ́rìnlá nìyẹn. Ti òṣùpá, gbólóhùn kan wà tí àwọn àáfà ti ń fi kọ́ ọmọ láti ìgbà pípẹ́, gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tó wáyé lẹ́ẹ̀mejì láìtọ́: اِبْغِ حَجَّكَ وَخَفْ عَقِيمَهُ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí o wá hájì rẹ, kí o sì bẹ̀rù èyí tí kò lérè. Háráfì ètè wà níbẹ̀, ti ọ̀nà ọ̀fun wà níbẹ̀, kò sí èyí tó ń bá láámù du àyè.

Háráfì kan ló máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láàmú, ج. Bí a ṣe ń pè é lónìí, ahọ́n súnmọ́ iwájú, etí sì fẹ́ gbọ́ "aj-jabalu". Háráfì òṣùpá ni o, "al-jabalu" ni. Tí ó bá ń rú yín lójú, ẹ rántí pé àlùjánńà ni à ń sọ ní Yorùbá, الجَنَّة, láámù rẹ̀ ń dún kedere. Ṣùgbọ́n ش tó jọ pé wọ́n jẹ́ aládùúgbò, oòrùn ló wà. Àwọn méjèèjì yìí ni kí ẹ há sórí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ahọ́n.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú Lárúbáwá lè ràn yín lọ́wọ́ gan-an. Ẹ gbọ́ láámù nínú àlùbáríkà, àlàáfíà, àlùbọ́sà, Àlàrùbá, Àlàmísì àti àlàásárì: òṣùpá ni gbogbo wọn. Ẹ wá gbọ́ àṣírí, Àtàlátà àti àsùbáà: láámù ti lọ, oòrùn ni wọ́n. Síbẹ̀, ẹ má fi wọ́n ṣe òfin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ọ̀dọ̀ àwọn Háúsá kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnu sì ti gé àwọn kan kù. Àtìní ni à ń pe ọjọ́ Ajé, kò sí láámù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ الاِثْنَيْن ni ojúlówó rẹ̀, láámù sì ń dún nínú rẹ̀.

Àṣìṣe ẹnu Yorùbá lórí èyí méjì ni. Èkíní, a kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì so mọ́ra, nítorí náà a ń ki fáwẹ̀lì bọ àárín wọn, "alukamaru". Nínú Lárúbáwá, láámù inú القَمَر kò ní fáwẹ̀lì, "al-kamaru" ni, láámù kan káfù lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ ń ṣe é ni kí ẹ fi ọwọ́ lu tábìlì fún fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan: "al-ka-ma-ru" jẹ́ ìlù mẹ́rin. Bí ẹ bá lu márùn-ún, ẹ ti ki nǹkan bọ̀ ọ́. Èkejì, àwọn tó mọ̀ pé láámù ń lọ a jẹ́ kó lọ tán, wọ́n a ka الشَّمْس ní "aṣamsu". Ìlọ́po méjì ṣe pàtàkì. Ẹ di ṣíínì mú díẹ̀ kí ẹ tó tú u sílẹ̀, "aṣ-ṣamsu". Èyí tó rọrùn jù fún wa ni ti núúnù, nítorí ẹnu wa ti mọ "ńn" láti inú àlùjánńà. Ẹ fi النَّاس bẹ̀rẹ̀, "an-naasu", títí ẹnu yóò fi mọ bí ìdìmú yẹn ṣe rí, kí ẹ wá mú un lọ sórí àwọn tó kù.

Ẹyọ kan di méjì

Ní Yorùbá, a lè sọ pé "ìwé méjì", "àwọn" kò pọn dandan, ọ̀rọ̀ "ìwé" kò sì yí padà. Lárúbáwá ní ìrísí pàtó fún méjì, inú ọ̀rọ̀ náà ni iye náà ń gbé. كِتَاب, ìwé kan. كِتَابَانِ, "kitaabaani", ìwé méjì. Ẹ kò nílò láti fi nọ́ḿbà méjì ṣáájú rẹ̀, ìran akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ "ithnaani kitaabu" ń fi Yorùbá ronú ni.

Ohun tí à ń fi kún un jẹ́ -aani nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ olùṣe tàbí ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó máa ń di -ayni tí ó bá jẹ́ ẹni tí à ń ṣe nǹkan sí, tàbí tí ọ̀rọ̀ bíi فِي, "nínú", bá ṣáájú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá parí sí ة, táù yẹn a ṣí, a di ت kó tó gba àfikún: سَيَّارَة, ọkọ̀ kan, سَيَّارَتَانِ, "sayyaarataani", ọkọ̀ méjì. 

Nípa àlìfù-láámù, èyí ni ìròyìn ayọ̀: méjì kì í fọwọ́ kan iwájú ọ̀rọ̀ rárá, ìdí rẹ̀ nìkan ló ń yí padà. Nítorí náà bí ẹyọ kan bá jẹ́ oòrùn, méjì rẹ̀ a jẹ́ oòrùn. "As-suuku", "as-suukaani". "Al-baabu", "al-baabaani", ilẹ̀kùn méjì náà.

Ẹ ṣọ́ núúnù o. Ẹ ti kọ́ pé ọ̀rọ̀ tó gba àlìfù-láámù a sọ núúnù ìdí rẹ̀ nù: "kitaabun" di "al-kitaabu". Akẹ́kọ̀ọ́ tó já fáfá a wá ronú pé ó yẹ kí núúnù inú "kitaabaani" náà lọ, a kọ "al-kitaabaa". Kò rí bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ohùn lásán ni, a kì í fi háráfì kọ ọ́. Ti méjì, háráfì gidi ni, ó sì ń dúró pẹ̀lú àlìfù-láámù: الكِتَابَانِ. Ìgbà tí a bá so ọ̀rọ̀ méjì náà mọ́ ẹni tó ni ín ló ń lọ, bíi كِتَابَا الطَّالِبِ, ìwé méjì akẹ́kọ̀ọ́ náà, àlìfù-láámù kò sì sí níwájú "kitaabaa" nígbà yẹn.

Púpọ̀, níbi tí iṣẹ́ wà

Púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́ta lọ sókè. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Nínú ti àkọ́kọ́, ara ọ̀rọ̀ kò fọ́, a kàn fi nǹkan kún ìdí. مُعَلِّم, olùkọ́ ọkùnrin kan, di مُعَلِّمُونَ, "muallimuuna", tàbí مُعَلِّمِينَ, "muallimiina", ní àyè tí méjì ti ń gba -ayni. Ti obìnrin, ة a kúrò, -aatu a rọ́pò rẹ̀: مُعَلِّمَة di مُعَلِّمَات. Iwájú kò yí padà, àlìfù-láámù náà kò yí padà.

Ibì kan wà tí méjì àti púpọ̀ ti máa ń jọra lójú ìwé tí kò ní àmì: معلمين. Bí àmì "a" bá wà lórí mímù, tí núúnù sì ní àmì "i", méjì ni, "muallimayni". Bí àmì "i" bá wà lábẹ́ mímù, tí núúnù sì ní "a", púpọ̀ ni, "muallimiina". Àmì méjèèjì ń pààrọ̀ àyè, ẹ̀rí méjì sì sàn ju ọ̀kan lọ.

Ọ̀nà kejì ni ti ọ̀rọ̀ tó ń fọ́. Háráfì ìpìlẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì àárín wọn a tú ká, a sì tún un tò. Kò sí ohun tó máa sọ fún yín láti ara ẹyọ kan irú ìtò tí púpọ̀ rẹ̀ máa gbà, nítorí náà ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun kankan ní ẹyọ nìkan. Ẹ kọ ẹyọ àti púpọ̀ sí ìlà kan náà.

Nínú àwọn ìtò wọ̀nyí, àwọn kan kì í fọwọ́ kan iwájú: دَرْس, ẹ̀kọ́, di دُرُوس, nítorí náà "ad-darsu" àti "ad-duruusu", oòrùn ni méjèèjì. Ìtò kan tó wọ́pọ̀ gidigidi ni èyí tó ń fi àlìfù ṣíwájú, bíi ti ọjà ìyá yẹn. Òun ló ń sọ oòrùn di òṣùpá. النَّهْر, "an-nahru", odò náà, bí Ọ̀ṣun tó ti Ìgèdè-Èkìtì ṣàn wá. Odò méjì náà, "an-nahraani". Àwọn odò náà, الأَنْهَار, "al-anhaaru". Igi náà, "aṣ-ṣajaratu", àwọn igi náà, الأَشْجَار, "al-aṣjaaru". Òdìkejì rẹ̀ kò wọ́pọ̀, àmọ́ ọ̀kan wà tí gbogbo ẹni tó ti ṣí Àlùkùráánì ti gbọ́ rí: obìnrin náà ni المَرْأَة, "al-mar'atu", mímù òṣùpá. Àwọn obìnrin náà ni النِّسَاء, "an-nisaa'u", núúnù oòrùn. Ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá ló rọ́pò ti ẹyọ.

Òkè Èkìtì lórí wàláà

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òkè ni mo yàn, nítorí ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ wa, orúkọ Èkìtì fúnra rẹ̀ sì ti ara òkìtì wá. Òkè ní Lárúbáwá ni جَبَل, "jabalun".

Ẹyọ: ká ní ẹ dúró ní Ìkẹ̀rẹ́, ẹ ń wo Olósùnta. Iye rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, kò sí ohun tí a óò fi kún un. Iwájú rẹ̀ ni ج, òṣùpá. Àlìfù-láámù wọlé, núúnù ohùn lọ: الجَبَلُ كَبِيرٌ, "al-jabalu kabiirun", òkè náà tóbi.

Méjì: ẹ yíjú, ẹ rí Òròlé pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ ṣe iye, "jabalaani". Ẹ wo iwájú, ج ṣì ni. Ẹ fi àlìfù-láámù sí i, núúnù dúró: الجَبَلَانِ كَبِيرَانِ, "al-jabalaani kabiiraani". Ẹ rí i pé "tóbi" náà di méjì. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹ rí wọn, a máa yí padà, nítorí àwọn ni à ń rí: رَأَيْتُ الجَبَلَيْنِ, "ra'aytul-jabalayni". Àlìfù àlìfù-láámù ti dákẹ́ níbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan ti ṣáájú rẹ̀, láámù sì so mọ́ fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ yẹn.

Púpọ̀: gbogbo òkè Èkìtì. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ èyí tó ń fọ́, جِبَال, "jibaalun". Ẹ wo iwájú, fáwẹ̀lì ti yí padà ṣùgbọ́n ج kò kúrò. الجِبَالُ كَبِيرَةٌ, "al-jibaalu kabiiratun". Ẹ má jẹ́ kí "kabiiratun" yà yín lẹ́nu: ohun tí kì í ṣe ènìyàn, tó bá ti di púpọ̀, bí obìnrin kan ni Lárúbáwá ń ṣe sí i.

Ìdánrawò

Àkọ́kọ́, ẹ kọ ìrísí mẹ́ta pẹ̀lú àlìfù-láámù fún àwọn wọ̀nyí, kí ẹ kà wọ́n sókè kí ẹ tó wo ìdáhùn: باب (ilẹ̀kùn, púpọ̀ أبواب), رجل (ọkùnrin, púpọ̀ رجال), قلم (gègé, púpọ̀ أقلام), طالب (akẹ́kọ̀ọ́, púpọ̀ طلاب), سيارة (ọkọ̀, púpọ̀ rẹ̀ kì í fọ́).

Èkejì, ẹ ṣí Súúrà Ar-Rahmaan, Súúrà 55. Kò sí ibi tó dára tó ibẹ̀ fún èyí, nítorí oòrùn àti òṣùpá fúnra wọn wà ní áyà 5: الشَّمْسُ وَالقَمَرُ بِحُسْبَانٍ. Áyà 6 ni وَالنَّجْمُ وَالشَّجَرُ يَسْجُدَانِ. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo àlìfù-láámù nínú áyà méjèèjì, kí ẹ sọ èyí tí láámù rẹ̀ ń dún. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ áyà súúrà yẹn ló parí sí -aan. Ẹ sọ èyí tó jẹ́ méjì nínú الإِنسَان (áyà 3), البَحْرَيْن (áyà 19), المَرْجَان (áyà 22) àti جَنَّتَان (áyà 46). Ọ̀nà àyẹ̀wò rẹ̀ ni pé kí ẹ yọ -aan tàbí -ayn kúrò, kí ẹ wò bóyá ohun tó kù jẹ́ ẹyọ kan nínú nǹkan náà.

Ìdáhùn ti àkọ́kọ́: "al-baabu, al-baabaani, al-abwaabu". "Ar-rajulu, ar-rajulaani, ar-rijaalu". "Al-kalamu, al-kalamaani, al-aklaamu". "At-taalibu, at-taalibaani, at-tullaabu". "As-sayyaaratu, as-sayyaarataani, as-sayyaaraatu". Bí ẹ bá ka èyí tó kẹ́yìn tí táù méjì wọ inú púpọ̀ rẹ̀, ẹ kò yọ ة kúrò kí ẹ tó fi -aatu sí i.

Ìdáhùn ti èkejì: "aṣ-ṣamsu wal-kamaru", láámù àkọ́kọ́ dákẹ́, èkejì dún. "Wan-najmu waṣ-ṣajaru", méjèèjì dákẹ́, àlìfù wọn náà sì dákẹ́ nítorí "wa". البَحْرَيْن ni òkun méjì, ẹyọ rẹ̀ ni "bahr". جَنَّتَان ni ọgbà méjì, ẹyọ rẹ̀ ni "jannat", táù rẹ̀ ti ṣí. المَرْجَان ni iyùn, bí ẹ bá yọ -aan ohun tó kù kì í ṣe iyùn kan, kì í ṣe méjì. الإِنسَان ni ènìyàn, ẹyọ ni òun náà, núúnù ìdí rẹ̀ jẹ́ ti ara ọ̀rọ̀ náà. Ti يَسْجُدَان inú áyà 6, méjì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe ni, "àwọn méjèèjì ń forí kanlẹ̀", ìdí nìyẹn tí kò fi lè gba àlìfù-láámù.